Omi Òkè àti Omi Ilẹ̀ ní Mamobi

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Nima wọ Mamobi ní ìlú Accra, tí ẹ ní Fáòsíà lẹ ń wá, wọn á bi yín pé Fáòsíà èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ní Fáòsíà Ìnṣọ́ránsì, ọmọdé tó ń ti ilé kéwú bọ̀ á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àdúgbò yẹn ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun fúnra rẹ̀ débẹ̀, ẹ̀fọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ pa. Ó ti ta irun àtọwọ́dá rí, ó ti ta bébà àti bírò rí, kò rọ́wọ́ mú nínú méjèèjì. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní ìgboro Accra, tí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́, tí wọ́n fún un ní báàgì dúdú kan, ni ẹnu rẹ̀ tó wúlò fún un. Ẹnu ọ̀hún ò sì kéré.

Iṣẹ́ náà le. Ọjà tí Fáòsíà ń tà kò ṣeé fọwọ́ kàn, kò lóòórùn, ẹni tó bá sì rà á a máa gbàdúrà kí òun má rí i lò láéláé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn bàbá tó máa ń jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí a máa bi í pé, "Ṣé o fẹ́ ká bá Ọlọ́run jiyàn ni?" Fáòsíà á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ṣé ẹ kì í ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín lálẹ́ ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní rà á.

Ẹni tó wá ṣòro jù lọ fún un ni ìyá ọkọ rẹ̀, Àlàájà Wòsílátù. Ìyá yìí ló ń ta ọṣẹ, ṣúgà, mílíìkì àti oríṣiríṣi ohun jíjẹ inú agolo ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ńlá Mamobi. Ọṣẹ dúdú tí àwọn ará Ghana ń pè ní "alata samina", ìyẹn ọṣẹ àwa Yorùbá, ọ̀dọ̀ Àlàájà ni gbogbo àdúgbò ti ń rà á. Ó sanra, ó gbọ́n, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun kan fún un tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Pákó lásán ló la ṣọ́ọ̀bù Àlàájà àti ti Àkànó láàárín. Aṣọ ni Àkànó ń tà. Ọkùnrin gbọọrọ kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì ka ara rẹ̀ sí onílàákàyè ju gbogbo ará ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lọ. Òrùlé kan náà ló bo àwọn méjèèjì, onílé kan náà ni wọ́n ń sanwó fún. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti jọ ń bá ara wọn jà láti ẹ̀yìn pákó láìrí ojú ara wọn.

Ọjọ́ tí Fáòsíà kó báàgì rẹ̀ wá, ó jókòó sí àárín ẹnu ọ̀nà méjèèjì kí wọ́n lè jọ gbọ́.

"Ọjà yín nìkan la ó dáàbò bò, torí ilé kì í ṣe tiyín," ó ní. "Iná ni ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ti omi mọ́ ọn, ẹ ó fi owó díẹ̀ sí i. Àmọ́ omi pé méjì o. Omi tó bá gba orí ilẹ̀ wọlé láti ìta, ì báà jẹ́ gọ́tà ló kún, ì báà jẹ́ àgbàrá òjò ló kóra jọ tí kò rọ́nà lọ, òun ni ilé-iṣẹ́ wa ń pè ní omíyalé. Bí ìjì bá wá ṣí páànù, tí òjò gba ojú ihò yẹn wọlé, ìjì la ń pe ìyẹn, kì í ṣe omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni owó ìjì, ọ̀tọ̀ ni owó omíyalé."

Àlàájà wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣòjòjò. "Ìyàwó wa, omi ò ha lomi ń jẹ́? Ẹni tí omi bá gbé lọ, ṣé ó ń bi omi pé ibo lo gbà wá?"

"Màmá, òun ò bi í, àmọ́ ilé-iṣẹ́ wa á bi í."

Fáòsíà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ àwọn ohun tí wọn kì í san owó lé lórí, bóyá èèyàn ra ti òkè ni o, bóyá ti ilẹ̀ ni: páànù tó ti jẹrà kí òjò tó dé, fèrèsé tí wọ́n gbàgbé láti tì, ògiri tó ń mumi díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ọjà tí wọ́n pàtẹ síta gbangba. Ó ní ẹni tó bá ra ti omíyalé gbọ́dọ̀ gbé ọjà rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ó tò ó sórí pákó tó ga tó ìbú ọwọ́ méjì, torí ilé-iṣẹ́ kò ní san ti èyí tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní bí òfò bá sì ṣẹlẹ̀, ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fara mọ́ díẹ̀ nínú òfò náà kí ilé-iṣẹ́ tó san ìyókù.

Àkànó ló kọ́kọ́ fọhùn. "Fún mi ní ti ìjì. Omíyalé kò kàn mí." Ó na ọwọ́ sí ìdènà sìmẹ́ǹtì tó mọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó ga dé orúnkún. "Omi wo ló máa fo ìyẹn?"

"Èmi, fún mi ní ti omíyalé," ni Àlàájà wí. "Ìjì kò kàn mí ní tèmi. Ọkọ mi, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló gun òkè tó kan páànù yìí. Ìjì tó máa ṣí i, wọn ò tí ì bí i ní Accra."

Fáòsíà bẹ̀ wọ́n títí, ó ní kí wọ́n jọ ra méjèèjì, owó tó lé lórí rẹ̀ kò pọ̀. Àkànó ní ọlọ́gbọ́n kì í sanwó ìbẹ̀rù. Àlàájà ní òun ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́. Wọ́n fọwọ́ síwèé. Fáòsíà tún mú káfíńtà wá, ó ní kó kan pèpéle onípákó méjì fún ìyá ọkọ rẹ̀ kí ó lè máa to páálí ọjà lé e lórí.

Oṣù kẹfà wọlé, òjò Accra sì bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àílà, Fáòsíà gbé wáákyé, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró gbagidi. Ọjà kún orí pèpéle kìíní lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Àlàájà Wòsílátù fúnra rẹ̀ ló nà gbalaja sórí ìkejì, ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí, ó ń hanrun. Páálí ọṣẹ lúbúlúbú tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tò lọ bí àwọn tó ń kírun.

"Màmá! Ọjà la kan nǹkan yìí fún o!"

Àlàájà la ojú kan. "Èmi ni mo ni ọjà. Ta ló ṣe pàtàkì jù nínú wa?"

Fáòsíà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé wáákyé kalẹ̀ nígbà tí ìjì dé. Kò kan ilẹ̀kùn. Fáòsíà kọ́kọ́ gbọ́ ìró kan lókè bí ẹni ń ya aṣọ ńlá, ó gbójú sókè, ó sì rí ojú ọ̀run níbi tí páànù wà tẹ́lẹ̀. Páànù tí bàbá ọkọ rẹ̀ kàn ti dìde, ó fò kọjá lórí pákó tó la wọ́n láàárín, ó ṣí apá kan ti Àkànó náà, ó sì lọ balẹ̀ sórí ilé ìwẹ̀ ẹlòmíràn. Òjò rọ́ wọlé. Orí ṣúgà tó wà lórí àjà pátápátá ló kọ́kọ́ dà sí.

"Ọkọ mi o!" ni Àlàájà ké. Fáòsíà ò mọ̀ bóyá òkú ló ń pè tàbí páànù.

Kò pẹ́, gọ́tà ńlá náà kún. Àgbàrá gba ojú ọ̀nà wá, ó gbé ìgò àti ọ̀rá dání, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Àlàájà láì kí onílé. Ó kan àwọn páálí tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bẹ́, ọṣẹ lúbúlúbú tú sínú omi, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí omi ṣe ń yí káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù ni ìfófò ń ga sí i. Kò pẹ́ tó fi yí Àlàájà ká lórí pèpéle rẹ̀, tó fi dà bí ìyàwó ọba tí wọ́n gbé sórí àwọsánmà, tó ń pariwo "Lá iláhà ilállàhu" lọ láìdánu dúró. Omi ọ̀hún gba abẹ́ pákó kọjá sọ́dọ̀ Àkànó. Ìdènà sìmẹ́ǹtì tó mọ sí ẹnu ọ̀nà dá a dúró gan-an ni o: kò jẹ́ kó jáde. Ṣe ni Àkànó dúró sáàárín aṣọ rẹ̀, ìfófò dé ìbàdí rẹ̀, ó ń pariwo láti ẹ̀yìn pákó pé, "Àlàájà! Ẹ gba ọṣẹ yín o!"

Nígbà tí òjò dá, àwọn ọmọdé ń ṣeré nínú ìfófò ní gbogbo ojú ọ̀nà. Fáòsíà tẹ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ láago lójú ẹsẹ̀. Ó ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n sá ohun tó bá ṣeé sá, àmọ́ kí wọ́n má da ohunkóhun nù, torí ẹni tó ń wo òfò máa wá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ó rò ó wò, orí rẹ̀ sì gbóná. Ẹni tó ra ti omíyalé ni ìjì ṣí òrùlé rẹ̀. Ẹni tó ra ti ìjì ni omi ilẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ fi Fáòsíà ṣe yẹ̀yẹ́, kò lè ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bi ọkọ rẹ̀ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ọkọ rẹ̀ ní òun ò sí láàárín ìyá òun àti ìyàwó òun, ó sì yíjú sí ògiri.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó ń wo òfò máa dé, Fáòsíà tètè lọ. Ó bá Àlàájà tó ń fa àpò ṣúgà kan sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, ó ń yí i nínú ẹrẹ̀ bí ẹni ń yí ẹja nínú ìyẹ̀fun.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń mú un lọ síbi tí omi ilẹ̀ ti máa rí i. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ti ilẹ̀ nìkan lẹ̀ ń san?"

Fáòsíà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá rí irọ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe ṣúgà nìkan ni wọ́n máa kọ̀ o. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa dà nù, àti èyí tó tọ́ sí yín. Wọ́n á sì lé èmi náà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ìyàwó ilé wa ni ọ́! Ìwọ ló yẹ kó bá mi purọ́!"

"Ṣé irọ́ lẹ ní kí n wá pa nílé yín ni, àbí ọmọ ni mo wá bí?"

Àlàájà fi àpò ṣúgà sílẹ̀. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó wo aṣọ rẹ̀ tó ti bàjẹ́. "Dìde, ẹrẹ̀ ò dáa fún orúnkún." Ó gbé ṣúgà padà sókè, ó ń kùn bí oyin. Fáòsíà yọjú sí ẹ̀yìn pákó, ó ní kí Bùrọ̀dá Àkànó náà jọ̀ọ́, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Àkànó fọwọ́ lé àyà. "Èmi? Àkànó? Láyé!" Ohùn rẹ̀ dùn jù. Ó sì ti fi omi lásán ṣan ẹrẹ̀ kúrò lára aṣọ tó bà jẹ́, ó ti tò wọ́n sórí àjà òkè pátápátá kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ikrimah ni orúkọ ẹni tó ń wo òfò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tinrin ni, ó wọ bàtà rọ́bà gígùn, ó mú okùn ìwọ̀n dání. Hausa ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ yékéyéké, torí ta ni wọ́n bí sí Mamobi tí kò gbọ́ Hausa?

"Ọmọ mi," ni Àlàájà bẹ̀rẹ̀, ó ti gbé sòbólò tútù, ìyẹn zóbò, sílẹ̀ dè é, "Mùsùlùmí ni ọ́, èmi náà ti dé Mẹ́kà. Gbọ́ mi. Òjò tó gba òkè wọlé yẹn, ibo ló já sí? Ilẹ̀. Nígbà tó délẹ̀, kí ló dà? Omi ilẹ̀! Omíyalé náà nìyẹn."

"Hajia, ọ̀nà tó gbà wọlé la ń wò, kì í ṣe ibi tó já sí." Ó mu sòbólò náà tán, ó dúpẹ́, ó sì fa okùn rẹ̀ yọ.

Ó wo ògiri. Ìlà ẹrẹ̀ kan wà níbẹ̀ yí ṣọ́ọ̀bù ká, ó tẹ́jú bí ẹni fi rúlà fà á. Ohun tó wà lábẹ́ ìlà yẹn, omi ilẹ̀ ló bà á jẹ́. Ohun tó wà lókè rẹ̀ tó sì tutù, omi òkè ni. Ó wo pèpéle tí ọjà wà lórí rẹ̀: omi ti gòkè kọjá rẹ̀ ó sì ba mílíìkì àti ọṣẹ orí rẹ̀ jẹ́, ìyẹn wà lára ohun tí ilé-iṣẹ́ máa san. Ó wo àwọn páálí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mi orí. Ó wá rí ìrọ̀rí lórí pèpéle kejì.

"Hajia, irú ọjà wo nìyí?"

"Ọjà tí mi ò tà," ni Àlàájà dá a lóhùn.

Ikrimah fi ìwé bo ẹnu rẹ̀. Ó tún wo ọṣẹ kan tí wọ́n pàtẹ sórí tábìlì níta, ó ní wọn kò ní san ìyẹn náà, gbangba ló wà. Ti páálí kan tó ti hu èbu dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní ọ̀rinrin ọjọ́ pípẹ́ ló ṣe ìyẹn. Àlàájà ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ Àkànó. Òun ti wọ agbádá, ó ti dé fìlà. Ó na ọwọ́ sókè sí ihò tó wà nínú òrùlé. "Alàgbà, ìjì ni. Láti òkè ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo bí aṣọ orí àjà ṣe tutù."

Ikrimah gun àpótí, ó mú aṣọ kan nínú èyí tó wà lábẹ́ ihò gan-an. Ó rí àbàwọ́n òjò pẹ̀lú ìpáàrà páànù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mú òmíràn ní igun tí òrùlé ṣì bò dáadáa. Ó gbé e sí imú. Ó tún gbé e sí imú. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé e lọ sí imú Fáòsíà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbọ́?"

Fáòsíà mọ òórùn yẹn dáadáa. Ọṣẹ tí òun náà fi ń fọ aṣọ ọmọ òun nílé ni. Ó wo ilẹ̀, kò lè wo Àkànó lójú.

"Bàbá," ni Ikrimah wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ní Mamobi yìí, ṣé òjò ọlọ́ṣẹ ló máa ń rọ̀?"

Láti ẹ̀yìn pákó ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ bẹ́. Àlàájà Wòsílátù ni. Ó rẹ́rìn-ín títí pákó fi ń gbọ̀n. "Àkànó! Ọṣẹ mi ló jẹ́rìí sí ọ! O ò tiẹ̀ sanwó rẹ̀!"

Àkànó ṣí fìlà. Ó wo ògiri tirẹ̀, ibi tí ìfófò ti gbẹ sí bí irùngbọ̀n funfun, ó sì mọ̀ pé àṣírí ti tú. Fáòsíà súnmọ́ Ikrimah, ó bẹ̀ ẹ́ pé bàbá náà kò tí ì fọwọ́ sí ìwé òfò, kó jẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ látòkè délẹ̀. Ikrimah ronú díẹ̀. Ó yọ bébà tuntun. "Bàbá, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa béèrè."

Àkànó sọ ọ́ bó ṣe rí. Aṣọ tó wà lábẹ́ ihò, òjò ni. Ìyókù, omi gọ́tà àti ọṣẹ Àlàájà ni, òun ló gbé e gòkè. Ìgbà tó sọ ọ́ tán, ara rẹ̀ tiẹ̀ fúyẹ́.

Nígbà tí owó dé, wọ́n san ti aṣọ tó wà lábẹ́ ihò fún Àkànó. Wọ́n san ti ọjà orí pèpéle kìíní fún Àlàájà. Wọ́n yọ ìpín òfò tí ọlọ́jà gbọ́dọ̀ fara mọ́ kúrò nínú ti àwọn méjèèjì. Ṣúgà lọ. Ọṣẹ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ. Aṣọ tí omi ilẹ̀ bà jẹ́ lọ, àmọ́ Àkànó tà á ní ẹ̀dínwó, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Fáòsíà rò pé iṣẹ́ òun ti parí ní àdúgbò yẹn. Àlàájà ló gba ìròyìn náà kiri. Ní ibi ìsọmọlórúkọ, ní ọ̀dọ̀ alágbo, ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ń ké pe gbogbo ayé pé kí wọ́n wá wo ìyàwó tí òun fẹ́ fún ọmọ òun: òun bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun purọ́ kékeré kan, ó kọ̀ jálẹ̀! Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó kọ̀! Ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn ló fi ń sọ ọ́, àmọ́ àwọn obìnrin gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tí kò lè purọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n ní, kò ní purọ́ fún àwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a wálé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń ta aṣọ, àwọn tó ń ta awo, títí kan àwọn tó ń gbé Mamobi tí wọ́n ń tajà ní ọjà Makola. Àkànó náà wá. Ó ní kó fún òun ní ti òkè àti ti ilẹ̀, bí wọ́n bá sì ní ti ẹ̀gbẹ́, kó fi kún un.

Ní oṣù kẹwàá, òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì ọdún náà dé. Fáòsíà ń gúnyán lọ́wọ́ nílé nígbà tí fóònù dún. Obìnrin kan tó ń ta awo ní àdúgbò Dansoman ni, ẹni tó ti ń sọ pé òun máa rò ó láti oṣù keje. Ohùn rẹ̀ yára.

"Sístà Fáòsíà, mo ti rò ó tán o. Ti omíyalé yẹn, mo fẹ́ rà á. Nísinsìnyí. Mo lè fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù báyìí."

Inú Fáòsíà dùn, ó fi ọmọ odó sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀ pé ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá gbà á ni ààbò náà máa bẹ̀rẹ̀, nígbà tó gbọ́ ìró kan nínú fóònù, ó dà bí ẹni ń rìn nínú nǹkan.

"Àǹtí, ìró kí nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan o."

"Àǹtí. Ibo ni omi dé báyìí?"

"Kò tí ì dé orúnkún."

Fáòsíà jókòó sórí àpótí ìdáná. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé awo kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sì pa iná mànàmáná, kí àwọn ọmọ má bọ́ sínú omi. Ọ̀rọ̀ yòókù, ó ní, àwọn á jọ sọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ.

"Ilé-iṣẹ́ yín ò ní gbà á báyìí ni?"

"Àǹtí, ẹni tí ilé rẹ̀ ti ń jó, ta ló máa gbà kó wá ra ti iná?"

"Ọlọ́run, mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì gé fóònù.